Etí dídùn àti ẹsẹ̀ wíwú nínú ọkọ̀ òfurufú: ohun tó yẹ kí a ṣe, àti ìgbà tó yẹ kí a ṣe é

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Obìnrin ẹni ọdún 56 ni mí, mo sì ń lo amlodipíìnì 10 mílígíráàmù fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú fún wákàtí 11 lóru láìpẹ́. Nígbà tí mo rin irú rẹ̀ kẹ́yìn, ọ̀fìnkìn ń ṣe mí, mo sì sùn lọ. Etí ló jí mi nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀kalẹ̀. Ó dùn mí gan-an, ó sì dí fún ọjọ́ 3. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì náà wú débi pé bàtà kò wọ̀ mí mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lo oògùn oníhóró tó ń tú imú, kí n sì fi asipirín kún un. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò, mà. Ìyọnu méjèèjì yìí kò ní orírun kan náà, àsìkò tí a fi ń dènà wọn kò sì bára mu. Ọ̀rọ̀ etí kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí sí ìṣẹ́jú 40 tó kẹ́yìn ìrìnàjò lọ, ṣùgbọ́n ti ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó jókòó sínú ọkọ̀ rárá. Ibi tí wọ́n ti jọra ni pé ìdènà wọn rọrùn ju ìwòsàn wọn lọ, nítorí pé nígbà tí ìrora tàbí ìwúlé bá ti fara hàn, ohun tó rọrùn jù lọ láti ṣe ti kọjá. Etí ni mo máa fi ṣáájú.

Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí à ń pè ní ìlù etí ló pààlà sí àárín ihò etí tí a ń rí lóde àti yàrá kékeré kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló kún inú yàrá náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí afẹ́fẹ́ yìí ń gbà wọlé tàbí jáde ni ihò tóóró kan tó gùn tó nǹkan bí mìlímítà 35 lára àgbàlagbà, tó ti àárín etí lọ jáde sí ẹ̀yìn imú, lókè ọ̀nà ọ̀fun. Pípadé ni ihò yìí máa ń wà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Nígbà tí a bá gbé itọ́ mì tàbí tí a bá yán, iṣan kan tó wà ní àjà ẹnu máa ń fà á ṣí, kí a sì tó ṣẹ́jú, ó ti pa dé padà. Ìṣísílẹ̀ kúkúrú yẹn ló ń jẹ́ kí ipá afẹ́fẹ́ inú etí bá ti òde dọ́gba.

Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú bá wà lókè pátápátá, wọ́n máa ń fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ kí àwọn èrò lè mí dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kì í fún un tó ti ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí nígbà náà dà bí ti orí òkè tó ga tó 1,800 sí 2,400 mítà. Bí ọkọ̀ bá ń gòkè, ipá afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ń dínkù, èyí tó wà nínú etí wá ń fẹ̀ sí i, á sì ti ara rẹ̀ jáde gba inú ihò tóóró náà láìsí pé ènìyàn ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ìgòkè kì í fi í yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ju pé etí kàn ta pàù lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ìsọ̀kalẹ̀ ni wàhálà. Nígbà náà, ipá òde ń pọ̀ sí i, ti inú etí kò sì tó o mọ́, ìlù etí á wá máa wọ inú, awọ rẹ̀ á sì nà. Afẹ́fẹ́ òde kò lè ti ara rẹ̀ wọlé bí èyí tó wà nínú ṣe ti ara rẹ̀ jáde, nítorí pé ògiri ihò náà rọ̀, bí ipá òde bá sì ti ń tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ra bí ẹnu àpò ọ̀rá tó tutù. Àfi kí ẹ̀yin fúnra yín ṣí i.

Àyè tí ẹ ní láti ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Bí ìyàtọ̀ láàrin ipá òde àti ti inú bá ti dé nǹkan bí 90 mmHg, iṣan àjà ẹnu kì í lágbára mọ́ láti fa ihò náà ṣí, bó ti wù kí a gbé itọ́ mì tó. Ní ìwọ̀n tí ipá afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ sábà máa ń fi yí padà bí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹni tí ihò rẹ̀ kò bá ṣí rárá lè dé ibẹ̀ láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹni tó ń sùn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé itọ́ mì, ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe sì ti ní ihò tó wú tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ní méjèèjì pa pọ̀. Nígbà tí ìrora fi jí yín, ó ṣeé ṣe kí ó ti tì pa. Ohun tó jẹ́ kí dídí náà pẹ́ tó ọjọ́ 3 ni pé nígbà tí ipá inú etí bá ti kéré jù, awọ tó bo yàrá náà máa ń wú, omi, nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, á sì rọra sun jáde láti ara rẹ̀ sínú yàrá náà. Omi yìí kì í lọ lọ́jọ́ kan.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ má ṣe bá oorun wọ ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ bẹ àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ pé kí wọ́n jí yín ní wákàtí kan kí ọkọ̀ tó balẹ̀, kí ẹ sì tún fi agogo sí fóònù yín, nítorí pé ọwọ́ wọn lè dí lákòókò yẹn. Ọkọ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 40 ṣáájú kí ó tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ìkéde awakọ̀ kì í fìgbà gbogbo bá a ṣe gẹ́ẹ́, ẹ má sì dúró dè é: bí ẹ bá ti gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, tí imú ọkọ̀ sì dorí kodò díẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà náà títí ọkọ̀ yóò fi dúró, ẹ máa gbé nǹkan mì lóòrèkóòrè. Ṣingọ́ọ̀mù dára nítorí pé ó ń mú itọ́ wá, súwíìtì tí a ń lá náà dára, omi tí a ń mu díẹ̀díẹ̀ sì dára bákan náà. Ẹ má sì dúró títí etí yóò fi kún. Bí gbígbé nǹkan mì lásán kò bá tó, ẹ fi ìka méjì di imú pa, ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ wá gbé itọ́ mì nígbà tí imú ṣì wà ní dídì. Joseph Toynbee, oníṣègùn etí ará Ìlú Ọba ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀nà yìí, èmi náà sì máa ń kọ́kọ́ kọ́ àwọn tó ń bi mí léèrè ní i, nítorí pé ó ṣòro láti fi ṣe ara ẹni léṣe.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, tí wọ́n sì ń ṣì ṣe. Orúkọ Antonio Maria Valsalva, oníṣègùn ará Ítálì tó ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ní ọdún 1704, ni wọ́n fi ń pè é. Ẹ mí èémí tó mọ níwọ̀n, ẹ di imú pa, ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ wá rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú tí ẹ dì yẹn, bí ẹni fẹ́ fun ikun ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Bí etí bá ṣí, ẹ ó gbọ́ tí ó ta pàù, ohùn inú ọkọ̀ á sì mọ́ létí yín lẹ́ẹ̀kan náà. Kò yẹ kí ó ju ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 5 lọ nígbà kan. Ẹ máa ṣe é ní ìṣẹ́jú méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, kódà bí etí kò bá tíì kún. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì ṣe ni pé wọ́n máa ń dúró títí ìrora yóò fi dé, kí wọ́n tó fi gbogbo agbára fẹ́ ẹ. Ihò tó ti tì pa kì í gbọ́ ti agbára. Fífẹ́ líle tún lè ya awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó pààlà láàrin àárín etí àti etí inú, èyí tó lè mú òòyì wá, tó sì lè ba ìgbọ́ràn jẹ́. Ẹ má sì ṣe é nígbà tí ọkọ̀ bá ń gòkè, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó fẹ́ jáde ni ẹ máa tún ti wọlé.

Ní ti oògùn imú, mo rọ̀ yín gidigidi, ẹ má lo hóró tí ọ̀rẹ́ yín dárúkọ. Súdòẹfẹdírìnnì ló sábà máa ń wà nínú irú hóró bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ó ran àgbàlagbà mìíràn lọ́wọ́ lórí etí nínú ọkọ̀ òfurufú, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ káàkiri ara, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń mú kí àyà máa lù kìkì, ó sì ń lé oorun lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà tí amlodipíìnì yín ń sapá láti rọ̀ sílẹ̀ ni yóò máa tì sókè lóru ọjọ́ náà.

Èyí tó sàn fún irú yín ni oògùn tí a ń fín sínú imú, tí ọksimẹtasolíìnì tàbí saịlomẹtasolíìnì wà nínú rẹ̀, nítorí pé inú imú ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ń dúró sí. Òun náà kò ṣàì kan ẹ̀jẹ̀ ríru rárá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà tó ń tọ́jú yín tàbí apòògùn tó mọ oògùn yín fọwọ́ sí i kí ẹ tó lọ, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò bá tíì wálẹ̀ sí ibi tó yẹ. Bí imú yín kò bá dí lọ́jọ́ náà, ẹ kò nílò rẹ̀. Gbígbé itọ́ mì àti ọ̀nà méjì tí mo ṣàlàyé lókè ti tó. Bí ó bá dí, ẹ fun ikun dànù ní wákàtí kan sí ìdajì wákàtí kí ìsọ̀kalẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ orí síwájú díẹ̀, kí ẹ sì darí ẹnu ìgò náà sí apá etí, kí ó má ṣe kọjú sí ògiri tó pín imú sí méjì, nítorí pé ìyẹn ló ń fa kí imú máa ṣẹ̀jẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí ẹ fín, kí ẹ má fi kún un. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan, agbára rẹ̀ sì ń pẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí náà fífín lẹ́ẹ̀kan ti tó fún ìsọ̀kalẹ̀ kan. Ẹni tó bá lò ó ju ọjọ́ 3 léra lọ yóò rí i pé imú rẹ̀ ń dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí ó bá dáwọ́ dúró.

Wọ́n tún ń ta àwọn ìdíhò etí tó ní ihò kínńkínní nínú, tí wọ́n ní ó wà fún ọkọ̀ òfurufú. Iṣẹ́ wọn ni láti mú kí ìyípadà ipá afẹ́fẹ́ rọra dé bá ìlù etí, kí ẹ lè ráyè gbé itọ́ mì. Wọn kì í ṣí ihò ẹ̀yìn imú, àǹfààní wọn kò sì dá gbogbo ènìyàn lójú. Ẹni tó bá fẹ́ lè lò ó, ṣùgbọ́n kó má fi rọ́pò ìjí ojú. Àwọn kan sì máa ń fi ife tí wọ́n ki aṣọ gbígbóná sí bo etí. Mi ò gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣe é, nítorí pé omi gbígbóná lè ta sí ènìyàn lára nínú ọkọ̀ tó ń mì, ooru náà kò sì ní ohun tó ń ṣe fún ihò tó dí.

Bí ọ̀fìnkìn líle tàbí àrùn etí bá ń ṣe yín lọ́wọ́ nígbà tí ọjọ́ bá kò, tí ẹ di imú tí ẹ gbé itọ́ mì nílé tí etí kò ta pàù rárá, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ sún ọjọ́ náà síwájú bí ó bá ṣeé ṣe. Àyẹ̀wò kékeré yìí wúlò, ẹ sì lè ṣe é ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò. Bí etí bá tún dí lẹ́yìn tí ẹ bá dé, ẹ máa bá gbígbé itọ́ mì pẹ̀lú imú dídì lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má sì tún wọ ọkọ̀ òfurufú mìíràn kí ó tó ṣí, bí ẹ bá lè yẹra fún un. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣí láàrin wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń jáde létí, bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí etí bá ń hó láìdákẹ́, tàbí bí ẹ kò bá gbọ́ràn dáadáa ní apá kan mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ rí oníṣègùn etí.

Ó wá ku ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè padà sí ọkàn, kò sì sí ohun tó ń tì í gòkè tó bí ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun. Bí a bá ń rìn, ẹran yìí ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà láàrin rẹ̀ pọ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké inú iṣan náà kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti gòkè tún padà sílẹ̀. Bí a bá jókòó pẹ́ láìmira, iṣẹ́ yìí dúró. Ẹ̀jẹ̀ á kó jọ sísàlẹ̀, omi inú rẹ̀ á máa yọ́ jáde láti ara àwọn iṣan tín-tìn-tín sínú ẹran ara, kókósẹ̀ á sì wú. Etí ìjókòó tó ń tẹ ẹ̀yìn itan àti orúnkún tó ká fún ọ̀pọ̀ wákàtí ń fi kún un. Ẹ rí i pé kì í ṣe òfurufú fúnra rẹ̀ ló fà á jù. Ẹni tó bá jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí 11 yóò rí irú rẹ̀.

Ohun kan wà tó jẹ́ tiyín ní pàtàkì. Amlodipíìnì máa ń wú ènìyàn lẹ́sẹ̀ fúnra rẹ̀, pàápàá ní ìwọ̀n 10 mílígíráàmù, nítorí pé ó ń ṣí àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ju bó ṣe ń ṣí àwọn tó ń gbé e padà lọ. Nítorí náà, ẹ wo kókósẹ̀ yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ kò rin ìrìnàjò kankan. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn egungun kókósẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, tí ojú ibẹ̀ sì dá kòtò, ẹsẹ̀ yín ti ń wú kí ẹ tó rí ọkọ̀. Ẹ sọ fún dókítà yín. Ó lè yí oògùn tàbí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ fúnra yín nítorí ìrìnàjò. Bí mímí bá sì ń ṣòro fún yín bí ẹ bá dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, ọ̀ràn náà ti kọjá ti ìjókòó, ó sì yẹ kí wọ́n yẹ ọkàn àti kíndìnrín wò kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Nínú gbogbo ohun tí a ń lò fún ẹsẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ dájú jù lọ. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti fi àwọn arìnrìnàjò tó wọ̀ ọ́ wé àwọn tí kò wọ̀ ọ́ fi hàn pé ó ń dín wíwú kù, ó sì ń dín ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ẹsẹ̀ kù pẹ̀lú. Èyí tó dé ìsàlẹ̀ orúnkún ni kí ẹ rà, kí ẹ sì wá èyí tí wọ́n kọ 15–20 mmHg sí lára páálí rẹ̀. Títóbi bàtà kọ́ ni a fi ń yan èyí tó bá ènìyàn mu dáadáa: ní àárọ̀, kí ẹsẹ̀ tó wú, ẹ fi téèpù wọn ibi tó tín-ín-rín jù lókè kókósẹ̀ àti ibi tó nípọn jù lẹ́yìn ojúgun, kí ẹ wá fi iye méjèèjì wé àtẹ tó wà lára páálí. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò náà ni kí ẹ wọ̀ ọ́, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ń wọ ọkọ̀ lóru, nítorí pé títí di alẹ́ omi ti wà nínú ẹsẹ̀ yín. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ká padà sílẹ̀ lábẹ́ orúnkún, torí pé ibi tó ká yẹn á di okùn tó so ẹsẹ̀, wíwú á sì pọ̀ sí i. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ máa ń dùn ún bí ó bá rìn díẹ̀ tí ó sì ń lọ bí ó bá dúró, àti ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri, kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé oníṣègùn yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn ìbọ̀sẹ̀, ìmira ló kù. Ẹ gba ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, nítorí pé ẹni tó bá wà lójú fèrèsé kì í fẹ́ yọ ẹlòmíràn lẹ́nu, á sì jókòó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ má kó ẹrù sí abẹ́ ìjókòó tó wà níwájú yín, kí ẹsẹ̀ lè nà. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹ kò bá sùn, ẹ tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, ẹ dá a padà, kí ẹ wá gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè. Ẹ ṣe é ní nǹkan bí ìgbà 20, kí ẹran ẹ̀yìn ojúgun fún pọ̀ gan-an débi pé ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Yíyí kókósẹ̀ ká lásán kò tó. Ní wákàtí méjì-méjì, bí àmì bẹ́líìtì bá ti kú, ẹ dìde kí ẹ rìn lọ rìn bọ̀. Bí ẹ bá kúrú díẹ̀, tí ẹsẹ̀ kò kanlẹ̀ dáadáa, ẹ fi nǹkan tó le díẹ̀ sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kí etí ìjókòó má baà tẹ ẹ̀yìn itan.

Omi mímu dára nítorí pé afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé omi púpọ̀ ní yóò dá wíwú dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọtí àti oògùn oorun ni mo ní kí ẹ yẹra fún, nítorí pé wọ́n máa ń mú ènìyàn sùn ní ìká kan náà fún wákàtí 6 tàbí 7, wọ́n sì tún ń mú un sùn kọjá ìgbà tí etí nílò rẹ̀.

Ní ti asipirín, ẹ má lò ó nítorí ìrìnàjò nìkan. Kì í dín wíwú kù, kò sì ṣe gbòógì lórí irú ẹ̀jẹ̀ dídì tí à ń bẹ̀rù nínú ìjókòó pípẹ́, ṣùgbọ́n ó lè mú kí inú máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí dókítà bá ti fún yín ní i fún ìdí mìíràn, ìyẹn yàtọ̀, ẹ máa bá a lọ. Ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn kò yẹ kó pọ̀ jù: ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2007 fi hàn pé lára àwọn tó wọ ọkọ̀ òfurufú ju wákàtí 4 lọ, nǹkan bí ẹnì kan nínú 6,000 ló ń ní in. Ewu náà ga lára ẹni tó ti ní in rí, ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún láìpẹ́, aboyún tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, àti ẹni tó ń lo oògùn tí ẹsitirójẹ̀nì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá wà lára wọn, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ra ìwé ọkọ̀, torí pé irú wọn mìíràn máa ń nílò abẹ́rẹ́ tàbí hóró gidi tó ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì.

Kí n wá gbé e lé orí agogo fún yín. Ká ní ọkọ̀ yín gbéra ní aago 10 alẹ́, tí yóò sì balẹ̀ ní aago 9 àárọ̀, kí ẹ má yí agogo yín padà nínú ọkọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa lọ, kí ẹ sì dán etí wò. Bí ọkọ̀ bá ti gòkè, ẹ tú okùn bàtà, ẹ mira kí ẹ tó sùn, ẹ sì rìn díẹ̀ ní nǹkan bí aago 12. Oorun wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún tó tẹ̀ lé e kò burú. Bí ẹ bá ta jí láàrin rẹ̀, ẹ gbé gìgísẹ̀ ní ìgbà 20 kí ẹ tó tún sùn. Ní aago 6, ẹ dìde rìn, kí ẹ sì tún rìn kí ó tó di aago 8. Ní aago 7:40, bí imú bá dí, tí dókítà yín sì ti fọwọ́ sí i, ẹ fun ikun, kí ẹ fín oògùn. Láti nǹkan bí aago 8:20, ojú yín gbọ́dọ̀ là, ṣingọ́ọ̀mù wà lẹ́nu, kí ẹ sì máa ṣí etí ní ìṣẹ́jú méjì-méjì títí ọkọ̀ yóò fi dúró. Amlodipíìnì yín, ẹ lò ó ní wákàtí tí ẹ ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, inú àpò ọwọ́ ni kí ó sì wà.

Bí ẹ bá dé, ẹ rìn díẹ̀, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Wíwú ti ìjókòó máa ń wà ní ẹsẹ̀ méjèèjì, kì í dunni, ó sì yẹ kí ó ti lọ sílẹ̀ láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ, tí ẹ̀yìn ojúgun ń dùn yín tàbí tó gbóná, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ẹ má fọwọ́ ra á. Bí èémí bá gé yín lójijì, tí àyà dùn yín bí ẹ bá ń mí, tàbí tí ẹ wúkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá a jáde, ìtọ́jú pàjáwìrì ni kí ẹ wá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ rin ìrìnàjò gígùn, kódà bí ó ti pé ọ̀sẹ̀ 4, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó dì lójú ọ̀nà lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó fara hàn.